Ojú Rí, Etí Gbọ́

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọdún tí Ẹgbẹ́ Òǹwòran Sinimá ilé ẹ̀kọ́ yìí ṣe. Orúkọ gbogbo fíìmù tí a wò wà nínú ìwé ètò tó wà lọ́wọ́ yín, nítorí náà n kò ní í kà á. Mo ti jókòó níbi irú ayẹyẹ yìí tó láti mọ̀ pé bí olùkọ́ bá ti ń ka orúkọ fíìmù kan tẹ̀lé òmíràn, àwọn òbí á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ètò fẹ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ fíìmù kan péré ni mo bá wá, àti ohun tí àwọn ọmọ fi fóònù ṣe lẹ́yìn tí wọ́n wò ó tán. Inú méjèèjì ni ẹ̀bùn òní ti jáde.

Fíìmù náà ni Ṣaworoidẹ. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn rẹ̀, Túndé Kèlání ló darí rẹ̀, ó sì jáde ní 1999, ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá ní ilẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òbí ti wò ó, ẹ ó sì rántí ìlú Jogbo. Ẹni tí yóò jọba níbẹ̀ gbọ́dọ̀ búra, kí wọ́n sì sín in ní gbẹ́rẹ́, kí òun àti ìlú lè di ọ̀kan. Adé idẹ wà lórí ọba, ìlù ṣaworoidẹ wà lọ́wọ́ àyàn, májẹ̀mú sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Lápité fẹ́ jọba, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ohunkóhun de òun mọ́lẹ̀, ó kọ gbẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, sọ́jà kan tó ń jẹ́ Lágata fipá gba ìlú, ó sì gbé adé ka orí láìbìkítà fún ohun tó rọ̀ mọ́ ọn. Ìlù dún, Lágata sì kú sínú adé.

Ẹ rí i pé etí ni wọ́n fi ń wo fíìmù yìí, kí wọ́n tó fi ojú wò ó. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ, bí ẹ kò bá sì gbọ́ Bàbá Ọ̀pálábà tí olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí ṣe, tó jókòó tó ń da òwe bo àwọn ìjòyè, ẹ ó kàn rí àwọn ọkùnrin tó wọ agbádá tí wọ́n ń wọlé tí wọ́n ń jáde ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo yín mọ gbọ̀ngàn wa. Bíríkì tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ni ògiri rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ le kokooko, páànù sì ló bo orí rẹ̀ láìsí sílìnì. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé Ṣaworoidẹ sórí ògiri, a yá sípíkà ńlá kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe òkú àgbà, a sì gbé e sórí pèpéle. Àwòrán mọ́ kedere. Òkùnkùn tó, nítorí àwọn ọmọ ti fi aṣọ dúdú dí fèrèsé láti ọ̀sán. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi rí ohun kan. Nígbà tí Ọ̀pálábà sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, àwọn tó wà níwájú rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà láàárín yíjú sí ara wọn, wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló wí. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń tàkúrọ̀sọ ní tiwọn. Olùkọ́ tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí yóò bú àwọn ọmọ ẹ̀yìn pé aláìgbọràn ni wọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò mọ̀ pé wọn kò gbọ́ ni. Bí ẹ̀rín bá ń pín sí ìlà bẹ́ẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, ohùn ló ní àrùn.

Ẹnì kan sáré lọ yí ohùn sípíkà sókè sí i. Ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní kí wọ́n pa fíìmù náà.

Kí n tó di olùkọ́, mo ti bá àwọn onísinimá gbé ẹ̀rọ kiri. Ẹ̀yin ọmọ lè má mọ̀ pé nígbà tí Ògúndé gbé Aiyé jáde ní 1979, kì í ṣe ilé sinimá nìkan ni àwọn ènìyàn ti ń wo fíìmù Yorùbá. Àwọn tó ni fíìmù ló ń gbé e sínú ọkọ̀, wọn a gbé ẹ̀rọ, wọn a gbé jẹnẹrétọ̀, wọn a lọ láti gbọ̀ngàn ìlú kan dé òmíràn, nítorí ẹ̀dà fíìmù kò pọ̀, owó ẹnu ọ̀nà sì ni wọ́n fi ń san gbèsè tí wọ́n jẹ láti ṣe é. Ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ kì í fọwọ́ kan rílì tí a bá ti dé gbọ̀ngàn tuntun. Yóò kọ́kọ́ rìn dé àárín ilé, yóò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì dákẹ́. Bí ìró àtẹ́wọ́ náà bá kú lójú ẹsẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. Bí ó bá ń jà ràn-ìn lórí páànù, á ní kí a lọ yá ẹní lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò.

Ohun tó fà á kò le. Ohùn ń rìn tó nǹkan bí mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó yára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ẹsẹ̀. Èyí tó kúrò nínú sípíkà tó dé etí rẹ tààrà ti dé; èyí tó kọ́kọ́ lọ kan ògiri ẹ̀yìn, tó tún kan páànù, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà bọ̀ ni. Ó bá ọ̀rọ̀ kejì lẹ́nu òṣèré, ó gorí rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì yí ohùn sípíkà sókè, èyí tó ń bọ̀ láti ara ògiri náà ń pọ̀ sí i pẹ̀lú èyí tó ń lọ tààrà, kò sí èyí tó gba iwájú èkejì. Ìdí nìyẹn tí ariwo fi pọ̀ tí ọ̀rọ̀ kò sì yé ẹnikẹ́ni.

Ọmọbìnrin kan wà ní Ẹ̀sẹ́ẹ̀sì Túù tó ní òun kò gbà pé àtẹ́wọ́ nìkan lè sọ ibi tí ohùn ti bàjẹ́ jù. Mo fẹ́ràn ọmọ tó bá ń jiyàn báyìí. Ó kọ ogún ọ̀rọ̀ sínú ìwé, ọ̀rọ̀ kúkúrú kúkúrú tó jọ ara wọn, irú bí kọ́, pọ́, gbọ́, tọ́. Ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró níbi tí sípíkà wà, kó máa kà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lásán. Ó wá mú àwọn ọmọ jókòó kálẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, níwájú, láàárín, lẹ́yìn, àti lẹ́bàá ògiri, oníkálukú ń kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀ láìwo ìwé ẹnìkejì. Ó gba gbogbo ìwé náà, ó sì fa ìlà pupa sábẹ́ èyí tí wọ́n ṣì gbọ́. Ó wá ya àwòrán gbọ̀ngàn, ó kọ iye àṣìgbọ́ sí ibi ìjókòó kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó mú bọ̀ yà mí lẹ́nu, bí iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ mi tó. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò ṣi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ gbọ́ púpọ̀. Kọ́ńsónáǹtì ni wọ́n ń pàdánù. Ẹni tí wọ́n wí fún pé kọ́ kọ pọ́. Ẹni tí wọ́n wí fún pé gbọ́ kọ tọ́. Bí ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀ ni gbọ̀ngàn wa ṣe ń bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn sọ̀rọ̀: wọ́n ń gbọ́ ohùn, wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Àyàn tó bá ń lu ìlù mọ̀ pé olùgbọ́ òun gbọ́dọ̀ ti mọ oríkì náà tẹ́lẹ̀ kó tó lè yé e. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò tíì mọ ohun tí Ọ̀pálábà fẹ́ sọ, báwo ni yóò ṣe yé wọn?

Àwòrán tó yà yẹn ni a fi tún gbọ̀ngàn ṣe. A dá sípíkà ńlá padà fún olówó rẹ̀, a dúpẹ́. A gbé kékeré méjì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì àwòrán, a kò gbé wọn ga ju orí ọmọ tó jókòó lọ, a sì kọjú wọn sí àárín àwọn ènìyàn kí ohùn má baà gba òkè lọ bá páànù. A fi okùn ta ẹní àti aṣọ ìbora láti ilé ìgbé àwọn ọmọ bo ògiri ẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ni ìlà pupa ti pọ̀ jù. A fa bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn wá síwájú. A sì fi wáyà so sípíkà mọ́ kọ̀ǹpútà dípò bùlútúùtù, nítorí bùlútúùtù máa ń mú kí ohùn pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn àwòrán. Ẹ ó rí ẹnu tó ti pa dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ó sì máa ń dùn mí bíi kí ẹlòmíì wọ bàtà òdìkejì. Lẹ́yìn náà ọmọbìnrin yìí tún ka ogún ọ̀rọ̀ rẹ̀, àṣìgbọ́ ẹ̀yìn sì wálẹ̀ gan-an. Kò tán o. Lábẹ́ páànù, bí òjò bá dé, kò sí ẹní tó lè gbà wá. Ohun tí a ń ṣe ni pé kí a dá fíìmù dúró títí òjò yóò fi dá.

Nígbà tí a tún gbé Ṣaworoidẹ sórí ògiri, ẹ̀rín dún láti iwájú dé ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀bùn àkọ́kọ́ òní jẹ́ ti ọmọ tó ya àwòrán gbọ̀ngàn yẹn. Àwọn kan nínú yàrá olùkọ́ bi mí pé ṣé kì í ṣe ẹni tó kọ àròkọ tó dára jù lórí fíìmù ló yẹ kó gbà á. Mo ní rárá. Àròkọ tó ń sọ pé fíìmù náà kọ́ni lọ́gbọ́n, ó dùn, ó sì lárinrin, ẹni tí kò wò ó pàápàá lè kọ ọ́.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn ọmọ lẹ́yìn fíìmù jẹ mọ́ èyí. N kì í béèrè ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́. Bí mo bá béèrè bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn á ní kí ọba má ṣe hùwà ìkà, a ó sì lọ sùn. Ohun tí mo ń béèrè ni pé: kí lo rí, kí lo sì gbọ́, nígbà wo? Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ikú Lágata. Ọmọkùnrin kan ní òun rí bí ìlù ṣe pa á. Èkejì dá a lóhùn pé o kò rí i. O rí ìlù, o rí Lágata, ìwọ lo so wọ́n pọ̀ nínú orí ara rẹ. Gbọ̀ngàn dàrú. Mo jókòó, n kò dá sí i, torí ọmọ kejì yẹn ti fọwọ́ kan ohun tó mú kí sinimá yàtọ̀ sí eré orí ìtàgé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo sọ ìtàn Lev Kuleshov fún wọn. Ará Rọ́ṣíà ni, olùdarí fíìmù tó tún jẹ́ olùkọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ yìí ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, lẹ́yìn ìṣọ̀tẹ̀ 1917. Wọ́n ní ó mú ojú òṣèré kan tó ń jẹ́ Mozzhukhin, ojú tí kò sunkún tí kò sì rẹ́rìn-ín, ó so ó mọ́ àwo ọbẹ̀, ó tún so ojú kan náà mọ́ òkú nínú pósí, ó tún so ó mọ́ obìnrin kan. Àwọn òǹwòran yin òṣèré náà: wọ́n ní ebi hàn lójú rẹ̀, ìbànújẹ́ hàn, ìfẹ́ hàn. Ojú kan ṣoṣo ni. Fíìmù náà ti sọnù, ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ ló kù, nítorí náà n kò lè gbé e sórí ògiri fún wọn. Ọmọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ iyàn náà ní kò burú, àwa á ṣe tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ṣe é, nítorí ó rọrùn láti ṣe é kó bàjẹ́. Wọ́n fi fóònù ya ojú ọ̀rẹ́ wọn kan. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní kó ṣe bí ẹni tí kò ronú ohunkóhun, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí òṣèré tó ń ṣe bí ẹni tí kò ronú, ojú rẹ̀ le bíi ti ẹni tí wọ́n fẹ́ nà. Wọ́n wá rí ọgbọ́n kan dá: wọ́n ní kó máa ka láti ogójì padà sẹ́yìn dé oókan nínú ọkàn rẹ̀. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ tó rọ̀. Wọ́n gbé fóònù sórí àga kí ọwọ́ má baà gbọ̀n, wọ́n sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ láti fèrèsé kan náà ló wà lára ojú àti lára àwọn nǹkan mẹ́ta tí wọ́n yà lẹ́yìn náà. Èyí ṣe pàtàkì. Bí ojú bá wà nínú òòrùn tí àwo ìrẹsì sì wà nínú òjìji, òǹwòran á mọ̀ láìmọ̀ pé wọn kò sí níbì kan náà, okùn tó so wọ́n á já. Àwọn nǹkan mẹ́ta náà ni àwo ìrẹsì, ìwé èsì ìdánwò tí wọ́n ká sí méjì, àti bẹ́ẹ̀dì tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Wọ́n wá gé e, wọ́n so ó pọ̀: ojú, nǹkan kan, ojú lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ní fíìmù kéékèèké mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ fi gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta han àwọn ọmọ kíláàsì kìíní lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọbìnrin oníìlà pupa yẹn ló dá wọn dúró. Ó ní ẹni tó bá rí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹta á já ọgbọ́n wọn. Nítorí náà wọ́n pín àwọn ọmọ kéékèèké sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n kó ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sínú yàrá ọ̀tọ̀, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì wo fíìmù kan ṣoṣo. Wọn kò bi wọ́n pé ṣé ebi ń pa á, nítorí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti ní ìdáhùn nínú. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé: kí lẹ rò pé ó ń ṣe ẹ̀gbọ́n yìí?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rí ìwé èsì ní ẹ̀rù ń bà á. Àwọn tó rí bẹ́ẹ̀dì sọ pé àárò ẹnì kan ń sọ ọ́. Ọmọ kan tilẹ̀ ní ìyá rẹ̀ ló kú, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Ti àwo ìrẹsì kò yọrí sí bí wọ́n ṣe rò. Àwọn díẹ̀ ní ebi ń pa á, ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ ní ó ti yó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ fi ti ìrẹsì pamọ́ nítorí pé kò jọ ti Kuleshov. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Nígbà tí wọ́n tún wo àwòrán ara wọn, wọ́n rí i pé ìrẹsì inú àwo náà kò kún, ẹnì kan ti bu díẹ̀ jẹ kí wọ́n tó yà á. Òǹwòran rí àwo tí wọ́n ti jẹ nínú rẹ̀, ó sì ka ojú náà sí ojú ẹni tó jẹun. Kì í ṣe pé ọgbọ́n náà kùnà. Àwọn ọmọ kéékèèké yẹn wo àwo náà dáadáa ju àwọn tó yà á lọ.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún lọ wo òpin Ṣaworoidẹ, tí wọ́n ń dá a dúró ní ibi tí àwòrán ti ń yí padà. Ìyẹn ni iyàn tó parí. Àwọn méjèèjì jàre: Lágata kú nípa ìlù nínú ìtàn Jogbo, ṣùgbọ́n ẹni tó gé fíìmù àti ẹni tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ni wọ́n jọ pa á. Ọmọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn náà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ka ogójì padà sẹ́yìn ni wọn yóò pín ẹ̀bùn kejì. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn, kí ẹ sì fetí sí bí yóò ṣe dún.

Ohun kan ló kù kí n tó jókòó, ẹ̀yin òbí ni mo sì ń bá wí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe Arẹ́sẹ̀jábàtà nínú Ṣaworoidẹ ni Kúnlé Afọláyan, tí òun náà ti di olùdarí fíìmù báyìí. Àwọn ọmọ béèrè pé ta ni bàbá rẹ̀, mo sì sọ fún wọn nípa Adé Love àti Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí ní 1976. Wọ́n ní kí a wò ó. A wá ẹ̀dà tó dára tó láti gbé sórí ògiri, a kò rí i. Fíìmù púpọ̀ láti ayé ìgbà yẹn ló ti ṣòro láti rí, nítorí ẹ̀dà wọn kéré, wọ́n sì ti gbó lórí ìrìnàjò.

Mo mọ̀ pé nínú àwọn ilé kan ní ìlú yìí, àpótí kásẹ́ẹ̀tì fídíò wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: eré tí ẹ gbà sílẹ̀ láti orí tẹlifíṣọ̀n, fíìmù tí ẹ rà lójà ní bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kó wọn dànù. Ẹ gbé wọn kúrò nílẹ̀ tí ń tutù, ẹ tò wọ́n ní ìdúró bí ìwé, ẹ má ṣe gbé wọn sórí sípíkà, nítorí mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ lè ba ohun tó wà lórí téèpù jẹ́. Ẹ wo inú fèrèsé kékeré tó wà lójú kásẹ́ẹ̀tì náà. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun létí téèpù, èébu ni. Ẹ má ṣe tì í bọ inú ẹ̀rọ láti dán an wò, torí yóò kó èébu bá ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ á sì kó o bá gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó bá tún wọ inú rẹ̀. Ẹ fi í sínú ọ̀rá lọ́tọ̀, ẹ kọ orúkọ yín sí i, kí ẹ sì fún ọmọ yín mú wá fún mi ní ọjọ́ Mọ́ńdè.